Orí Kẹfà: Ìbéèrè Ìsopọ̀ Tí Ìdáhùn Rẹ̀ Pọ̀ Ju Ìbéèrè Lọ

Èròǹgbà orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

1. ṣàlàyé ìdí tí ìbéèrè ìsopọ̀ tí apá méjèèjì rẹ̀ dọ́gba fi ń fún ọmọ ní máàkì tí kò ṣiṣẹ́ fún;
2. ṣírò àǹfààní tó kù fún ọmọ tó ń méfò, nígbà tí àfikún ìdáhùn bá wà àti nígbà tí kò bá sí;
3. yan àfikún ìdáhùn tó fara jọ òtítọ́, tí kò sì sọ ìbéèrè kan di olóhùn méjì;
4. ṣe ìdánwò kúkúrú lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọ̀pẹ fún kíláàsì kejì ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré;
5. yẹ ìdáhùn àwọn ọmọ wò láti mọ àfikún tó ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́.

6.1 Ohun tí a ń pè ní ìbéèrè ìsopọ̀

Ìbéèrè ìsopọ̀ ni ìbéèrè tí a tò sí apá méjì, tí a sì ní kí ọmọ mú ohun kan láti apá kan kí ó so ó mọ́ èyí tó bá a mu ní apá kejì. Nínú ìdánwò ọ̀rọ̀, ìtumọ̀ ni a sábà máa ń kọ sí apá òsì, ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ a sì wà ní apá ọ̀tún. Apá òsì ni a ó máa pè ní apá ìbéèrè nínú orí yìí, apá ọ̀tún ni apá ìdáhùn.

Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà ní apá ìdáhùn tí kò sì bá ìbéèrè kankan mu, àfikún ìdáhùn ni a pè é. Bí ọmọ bá fi ohun tó mọ̀ yọ àwọn ìdáhùn kan kúrò, tó wá fi èyí tó ṣẹ́ kù dáhùn ìbéèrè tí kò mọ̀, ìméfò àṣẹ́kù ni ohun tó ṣe.

Iṣẹ́ ọ̀pẹ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀ orí yìí. Ọ̀rẹ̀ ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Odigbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọ̀nà tó ti Èkó lọ sí Benin gba ibẹ̀ kọjá, ibẹ̀ náà ni a ti ń yà sí Oǹdó àti sí Òkìtìpupa. Oko ọ̀pẹ pọ̀ ní agbègbè náà. Ó sì ti pẹ́ tí àwọn ará Ùròbò ti ń wá kọ ọ̀pẹ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tó wà nítòsí ibẹ̀. Nítorí náà, ọmọ kan lè jókòó sí kíláàsì ní Ọ̀rẹ̀ tó mọ iṣẹ́ ọ̀pẹ dénú, tí kì í sì í ṣe Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Olùkọ́ fẹ́ mọ orúkọ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ ní èdè Yorùbá àti èyí tí kò mọ̀. Ìdánwò tó bá gba ìméfò àṣẹ́kù láàyè kò ní jẹ́ kí olùkọ́ rí èyí tí kò mọ̀.

6.2 Bí ìméfò àṣẹ́kù ṣe ń wọlé

Ẹ jẹ́ ká wo ìdánwò kan tí apá méjèèjì rẹ̀ dọ́gba. Ìtọ́ni rẹ̀ ni pé kí ọmọ lo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan.

Àpẹẹrẹ Kìíní

| Apá ìbéèrè | Apá ìdáhùn |
|---|---|
| 1. Okùn tí akọ́pẹ fi ń gun ọ̀pẹ | a. àdín |
| 2. Ewé ọ̀pẹ ọ̀dọ́ tí a ya tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ | b. ẹmu |
| 3. Ohun mímu tí a dá lára ọ̀pẹ | d. igbà |
| 4. Òróró tí a yọ lára ekùrọ́ | e. màrìwò |
| 5. Fọ́nrán ẹyìn gbígbẹ tí a ń tàn fún ìmọ́lẹ̀ | ẹ. ògùṣọ̀ |

Ká ní ọmọ kan mọ igbà, màrìwò àti ẹmu, ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ àdín tàbí ògùṣọ̀ rí. Ó dáhùn ìbéèrè kìíní, ìkejì àti ìkẹta. Ìbéèrè méjì ló kù, ọ̀rọ̀ méjì ló sì kù. Bó bá fi ojú dídì so wọ́n pọ̀, ó lè gba méjèèjì, ó sì lè pàdánù méjèèjì. Ìdá kan nínú méjì ni àǹfààní rẹ̀ láti gba máàkì márùn-ún nínú márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló mọ̀.

Ọmọ tó mọ mẹ́rin kò tilẹ̀ ní láti méfò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù fún ìbéèrè kan ṣoṣo, ẹ̀bùn sì ni máàkì karùn-ún jẹ́ fún un. Nínú ìdánwò ọ̀rọ̀ márùn-ún tó dọ́gba, kò sí bí olùkọ́ ṣe lè fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹni tó mọ mẹ́rin àti ẹni tó mọ márùn-ún.

Àmì kan wà tí a fi lè dá àléébù yìí mọ̀ lára máàkì. Bí gbogbo ọmọ bá tẹ̀lé ìtọ́ni, tí wọ́n dáhùn gbogbo ìbéèrè, tí wọn kò sì lo ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ẹni tó lè gba mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ kan sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ ti gba ibẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yẹn náà yóò sì ṣìnà. Àṣìṣe kan a máa fa èkejì. Olùkọ́ tó bá wo ìwé máàkì rẹ̀, tó rí márùn-ún, mẹ́ta, méjì àti ẹyọ kan, ṣùgbọ́n tí kò rí mẹ́rin rárá, kò gbọdọ̀ rò pé bí òye àwọn ọmọ ṣe rí nìyẹn. Bí a ṣe to ìdánwò náà ló fà á.

6.3 Iye àfikún tó yẹ

Àtúnṣe tó rọrùn jù ni kí ọ̀rọ̀ apá ìdáhùn pọ̀ ju ìbéèrè lọ. Ká fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta kún márùn-ún ti ìṣáájú, kí ó di mẹ́jọ. Ọmọ tó mọ mẹ́ta yóò dáhùn mẹ́ta, ọ̀rọ̀ márùn-ún yóò sì kù fún ìbéèrè méjì. Kí ó tó lè fi ìméfò gba méjèèjì, ó ní láti mú ọ̀kan tó tọ́ nínú márùn-ún, kí ó tún mú ọ̀kan tó tọ́ nínú mẹ́rin tó ṣẹ́ kù. Ìdá kan nínú ogún ni àǹfààní rẹ̀. Nínú Àpẹẹrẹ Kìíní, ìdá kan nínú méjì ni.

Ìbéèrè ìkẹyìn ló yẹ kí olùkọ́ fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣẹ́kù ti kéré jù. Bí ọmọ bá mọ gbogbo rẹ̀ àyàfi ẹyọ kan, ọ̀rọ̀ tó kù níwájú rẹ̀ yóò jẹ́ iye àfikún pẹ̀lú ọ̀kan. Ìṣirò rẹ̀ nìyí:

| Iye àfikún | Ọ̀rọ̀ tó kù fún ìbéèrè ìkẹyìn | Àǹfààní ìméfò |
|---|---|---|
| 0 | 1 | ó dájú |
| 1 | 2 | ìdá kan nínú 2 |
| 2 | 3 | ìdá kan nínú 3 |
| 3 | 4 | ìdá kan nínú 4 |
| 5 | 6 | ìdá kan nínú 6 |

Tábìlì yìí fi ohun méjì hàn. Àkọ́kọ́ ni pé àfikún kì í pa ìméfò run, ṣe ló ń dín èrè rẹ̀ kù. Ìkejì ni pé àfikún àkọ́kọ́ ló ṣe iṣẹ́ jù. Ó gé àǹfààní ìméfò sí ìdajì. Èyí tó tẹ̀lé e gé díẹ̀ sí i, àwọn tó tún tẹ̀lé e kò sì gé púpọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tí a bá fi kún un ni ọmọ gbọ́dọ̀ kà fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Fún ọmọ kíláàsì kejì girama kékeré, àfikún méjì tàbí mẹ́ta sí ìbéèrè márùn-ún tàbí mẹ́fà ti tó.

Ìdánwò ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ èdè mọ̀ kárí ayé lo ìlànà yìí. Paul Nation, onímọ̀ ẹ̀kọ́ èdè ní orílẹ̀-èdè New Zealand, gbé e jáde ní 1983 láti fi wọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Ó kó ìbéèrè sí ìdì ìdì. Ìtumọ̀ mẹ́ta ló wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ mẹ́fà ló sì wà tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti mú. Àfikún mẹ́ta nìyẹn, nítorí náà ẹni tó bá mọ méjì nínú mẹ́ta ṣì ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin níwájú rẹ̀ fún ẹ̀kẹta. Ìdì kékeré báyìí ní àǹfààní mìíràn: ọmọ kò ní láti máa wo ọ̀rọ̀ púpọ̀ lókè lódò kí ó tó rí èyí tó ń wá.

Ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn olùkọ́ fi ń dí ìméfò àṣẹ́kù, ìyẹn ni kí a gba ọmọ láàyè láti lo ìdáhùn kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ìdáhùn tí ọmọ lè yọ kúrò. Ọ̀nà yìí dára níbi tí ìdáhùn ti jẹ́ ẹ̀yà, bíi kí a ní kí ọmọ so orúkọ ìlú mọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó wà. Nínú ìdánwò ọ̀rọ̀, kì í sábà rọrùn, nítorí pé yóò béèrè pé kí ìtumọ̀ méjì tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan náà. Àfikún ló bá ìdánwò ọ̀rọ̀ mu jù.

6.4 Yíyan àfikún tó ń ṣiṣẹ́

Kì í ṣe iye nìkan ló ń mú kí àfikún ṣiṣẹ́. Bí a bá fi *ọkọ̀*, *bàtà* àti *akọ́pẹ* kún ọ̀rọ̀ márùn-ún inú Àpẹẹrẹ Kìíní, apá ìdáhùn yóò di mẹ́jọ nínú ìwé, ṣùgbọ́n márùn-ún ni yóò ṣì jẹ́ lójú ọmọ. Ọkọ̀ àti bàtà kò bá ọ̀pẹ tan. Akọ́pẹ bá ọ̀pẹ tan, àmọ́ ènìyàn ni, kò sì sí ìtumọ̀ kankan nínú apá ìbéèrè tó ń sọ nípa ènìyàn. Ọmọ yóò yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò kó tó bẹ̀rẹ̀.

Àfikún tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọjá ìdánwò mẹ́ta.

*Àkọ́kọ́, kí ó jẹ́ ẹbí àwọn tó kù.* Bí gbogbo ìdáhùn bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ fún ohun tó jẹ mọ́ ọ̀pẹ, kí àfikún náà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo láàárín ọ̀rọ̀-orúkọ yóò fi ara rẹ̀ hàn.

*Èkejì, kí ó jẹ́ ohun tí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa lè mú.* Imọ̀ jẹ́ àfikún tó dára sí ẹ̀gbẹ́ màrìwò, nítorí pé ewé ọ̀pẹ ni àwọn méjèèjì. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ọ̀dọ́ ewé ni màrìwò, imọ̀ sì ni ewé tó ti gbó. Ọmọ tó mọ̀ pé ewé ni ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n tí kò mọ irú ewé tó jẹ́, yóò fi ara rẹ̀ hàn níbí. Bákan náà ni ìko ṣe dára sí ẹ̀gbẹ́ igbà. Láti ara ọ̀pẹ ògùrọ̀ ni a ti ń rí ìko, a sì máa ń fi í di nǹkan.

*Ẹ̀kẹta, kí ó má ṣe tọ̀nà.* Ibí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń ṣìnà, nítorí pé bí àfikún bá ṣe sún mọ́ òtítọ́ tó ni ewu rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹ wo ìbéèrè kẹta: “Ohun mímu tí a dá lára ọ̀pẹ.” Ó lè wu olùkọ́ láti fi ògùrọ̀ ṣe àfikún sí ẹ̀gbẹ́ ẹmu. Ṣùgbọ́n ara ọ̀pẹ kan ni a ti ń dá ògùrọ̀ náà, ìyẹn ọ̀pẹ àbàtà. Ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí àbàtà pọ̀ sí, ọmọ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọ tó bá mú ògùrọ̀ kò jẹ̀bi, ìbéèrè ló jẹ̀bi. Olùkọ́ ní láti tún ìtumọ̀ kọ kí ó lè ya àwọn méjèèjì, tàbí kí ó yọ ògùrọ̀ kúrò. Bí àwọn ènìyàn àdúgbò bá ń lo orúkọ kan fún méjèèjì, yíyọ ọ́ kúrò ló dára jù.

Ìtumọ̀ pàápàá lè tú àṣírí ìdáhùn. Nínú Àpẹẹrẹ Kìíní, ọ̀rọ̀ náà ekùrọ́ wà nínú ìbéèrè kẹrin. Bí a bá fẹ́ fi ekùrọ́ ṣe àfikún, a gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú ìtumọ̀ náà, nítorí pé ọmọ yóò mọ̀ pé ohun tí a ti dárúkọ kò lè tún jẹ́ ìdáhùn. “Ohun mímu” náà tú àṣírí, nítorí pé ẹmu nìkan ni ohun mímu nínú gbogbo ìdáhùn. Bí a bá pè é ní oje, ọmọ ní láti ronú kó tó yàn.

6.5 Àpẹẹrẹ tí a ti tún ṣe

Àpẹẹrẹ Kejì

*Ìtọ́ni: Ìtumọ̀ márùn-ún wà ní apá òsì, ọ̀rọ̀ mẹ́jọ wà ní apá ọ̀tún. Kọ lẹ́tà ọ̀rọ̀ tó bá ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan mu sí iwájú rẹ̀. Má ṣe lo ọ̀rọ̀ kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni kò ní ìtumọ̀ níbí. Máàkì kan ni fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan tó tọ̀nà.*

| Apá ìbéèrè | Apá ìdáhùn |
|---|---|
| 1. Ohun tí akọ́pẹ fi ń so ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ nígbà tó bá ń gùn ún | a. àdín |
| 2. Ewé ọ̀pẹ ọ̀dọ́ tí a ya tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tí a máa ń rí lẹ́nu ọ̀nà ojúbọ | b. ekùrọ́ |
| 3. Oje funfun tí a ń gbà lára ọ̀pẹ, tó máa ń kan bó bá pẹ́ nílẹ̀ | d. ẹmu |
| 4. Òróró dúdú tí a ń rí lẹ́yìn tí a bá yan ọmọ inú èso ọ̀pẹ | e. igbà |
| 5. Fọ́nrán tí a ti fún epo kúrò lára rẹ̀, tó ti gbẹ, tí a ń tàn fún ìmọ́lẹ̀ | ẹ. ìko |
| | f. imọ̀ |
| | g. màrìwò |
| | gb. ògùṣọ̀ |

Ìdáhùn: 1 – e, 2 – g, 3 – d, 4 – a, 5 – gb.

Bí a ṣe to ọ̀rọ̀ apá ọ̀tún tẹ̀lé álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá kì í ṣe fún ẹwà nìkan. Ó ń jẹ́ kí ọmọ tètè rí ọ̀rọ̀ tó ń wá, kò sì jẹ́ kí olùkọ́ to ìdáhùn bí ìbéèrè ṣe tò láìmọ̀. Gbólóhùn gígùn wà lápá òsì, ọ̀rọ̀ kúkúrú wà lápá ọ̀tún, nítorí pé apá ọ̀tún ni ọmọ yóò máa padà sí lemọ́lemọ́. Ìtọ́ni sọ fún ọmọ pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta yóò ṣẹ́ kù. Bí a bá fi èyí pamọ́, ọmọ tó mọ gbogbo rẹ̀ lè máa rò pé òun ti fo ìbéèrè kan, yóò sì máa pàdánù àkókò. Kí gbogbo ìdánwò náà wà lójú ewé kan ṣoṣo, kí ọmọ má máa ṣí ìwé síwá sẹ́yìn.

6.6 Yíyẹ àfikún wò lẹ́yìn ìdánwò

Lẹ́yìn tí olùkọ́ bá ti máàkì tán, kí ó ka iye ọmọ tó mú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ká ní ogójì ọmọ ló ṣe Àpẹẹrẹ Kejì, tí ìdáhùn wọn sí ìbéèrè kẹrin sì rí báyìí: àdín, 22; ekùrọ́, 11; ògùṣọ̀, 5; ẹmu, 2. Ekùrọ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ọmọ mọ́kànlá hàn tí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́ inú èso ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n tí wọ́n gbé ohun tí a ń yan dípò ohun tí a ń rí níbẹ̀. Olùkọ́ ti mọ ibi tí yóò padà sí nínú ẹ̀kọ́ tó kàn.

Ká tún ní kò sí ẹnì kankan tó mú ìko fún ìbéèrè èyíkéyìí. Nígbà náà, ìko kò ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì yẹn. Àfikún méjì ló ṣẹ́ kù ní tòótọ́, àǹfààní ìméfò fún ìbéèrè ìkẹyìn sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta dípò mẹ́rin. Kí olùkọ́ wá ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Àmì kẹta gba àkíyèsí. Kí olùkọ́ ya ìwé àwọn ọmọ tí máàkì wọn ga sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn tí máàkì wọn kéré, kí ó sì wo irú ọmọ tó mú àfikún. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tí máàkì wọn kéré ló mú un, ó dára bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ọmọ tó mọ iṣẹ́ dáadáa bá ń mú àfikún kan ju àwọn yòókù lọ, ó ṣeé ṣe kí àfikún náà tọ̀nà, bí ògùrọ̀ ṣe lè tọ̀nà. Kí olùkọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn ìdí tí wọ́n fi yàn án kó tó gbà wọ́n ní máàkì.

Àkótán

- Nígbà tí ìbéèrè àti ìdáhùn bá dọ́gba, ọmọ tó mọ gbogbo rẹ̀ àyàfi ẹyọ kan yóò gba ẹyọ náà lọ́fẹ̀ẹ́.
- Àǹfààní ìméfò fún ìbéèrè ìkẹyìn jẹ́ ìdá kan nínú iye àfikún pẹ̀lú ọ̀kan. Àfikún méjì tàbí mẹ́ta ti tó fún ìbéèrè márùn-ún.
- Kí àfikún jẹ́ ẹbí àwọn ìdáhùn yòókù, kí ó lè fa ẹni tí kò mọ̀ mọ́ra, kí ó má sì tọ̀nà.
- Kí ìtumọ̀ má ṣe dárúkọ àfikún, kí ó má sì fi ẹ̀yà ìdáhùn hàn.
- Iye ọmọ tó mú àfikún kọ̀ọ̀kan ló ń fi hàn bóyá àfikún náà wúlò.

Ìdánrawò

1. Ṣàlàyé ìdí tí ọmọ kò fi lè gba mẹ́rin nínú márùn-ún nínú Àpẹẹrẹ Kìíní bí ó bá tẹ̀lé ìtọ́ni tó sì dáhùn gbogbo ìbéèrè.
2. Ìdánwò kan ní ìbéèrè mẹ́fà àti ọ̀rọ̀ mẹ́jọ. Ọmọ kan mọ márùn-ún. Kí ni àǹfààní rẹ̀ láti fi ìméfò gba ìkẹfà? Kí ni yóò jẹ́ bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ méje ló wà?
3. Olùkọ́ kan fi *adẹ́mu*, *gùn* àti *epo pupa* ṣe àfikún sí Àpẹẹrẹ Kìíní. Èwo ni ọmọ yóò tètè yọ kúrò, kí sì ni ìdí? Èwo ló lè ṣiṣẹ́, ìbéèrè wo ló sì bá a lọ?
4. Tún ìtumọ̀ ẹmu kọ kí ó lè ṣeé ṣe láti fi ògùrọ̀ ṣe àfikún láìsí àríyànjiyàn. Sọ bóyá ìtumọ̀ rẹ yóò yé àwọn ọmọ àdúgbò rẹ.
5. Ọgbọ̀n ọmọ dáhùn ìbéèrè kejì Àpẹẹrẹ Kejì báyìí: màrìwò, 14, imọ̀, 15, ìko, 1. Mẹ́sàn-án nínú àwọn tó mú imọ̀ wà lára àwọn tí máàkì wọn ga jù. Kí ni olùkọ́ yẹ kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò?
6. Ṣe ìdánwò ìbéèrè márùn-ún àti ọ̀rọ̀ mẹ́jọ lórí iṣẹ́ gàrí ṣíṣe. Kọ ìtọ́ni rẹ̀, ìdáhùn rẹ̀, àti ìdí tí o fi yan àfikún kọ̀ọ̀kan.